Ohun tí Ọ̀rọ̀ Tọ́ka sí àti Ohun tí Ó Gbé Dání: Àtúpalẹ̀ Àṣàyàn Ọ̀rọ̀ nínú Ewì Kan

1.0 Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ ewì, gbólóhùn kan wà tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀, òun náà ni pé akéwì "lo ọ̀rọ̀ tí ó wọni lára". Gbólóhùn yìí kò ṣe é jà níyàn, nítorí pé kò sọ ohun kan pàtó. Kò sọ èwo nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà ni ó wọni lára, kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí akéwì ìbá lò ní ààyè kan náà, kò sì sọ ohun tí ewì náà ìbá pàdánù bí ó bá lo ọ̀rọ̀ mìíràn ọ̀hún. Ẹni tí ó kọ ọ́ ti sọ bí ara rẹ̀ ti rí nígbà tí ó ń ka ewì. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa ewì.

Ohun tí ó mú kí èyí ṣe pàtàkì ni pé òǹkàwé méjì lè ka ìlà kan ṣoṣo kí wọ́n sì bọ́ sí ọ̀nà méjì tí ó tako ara wọn. Ọ̀kan lè sọ pé akéwì ń bu ọlá fún ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kí èkejì sọ pé yẹ̀yẹ́ ni ó ń fi í ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé bí ara ti rí ni ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó wà, kò sí bí a ṣe lè parí irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, oníkálukú yóò gbé tirẹ̀ lọ sílé ni. Iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn pé ẹ̀rí mìíràn wà. Ó fẹ́ ya ìtumọ̀ ojú-ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ abẹ́nú, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ láti ṣàlàyé ìdí tí akéwì fi mú èyí tí ó fi fi ìyókù sílẹ̀.

2.0 Ìtumọ̀ Ojú-ọ̀rọ̀ àti Ìtumọ̀ Abẹ́nú

Ìtumọ̀ ojú-ọ̀rọ̀ ni ohun tí ọ̀rọ̀ tọ́ka sí. Òun ni ó ń pinnu bóyá òótọ́ ni ohun tí a sọ tàbí irọ́. Ìtumọ̀ abẹ́nú ni gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ gbé dání nítorí àwọn ẹnu tí ó ti gba kọjá: irú ẹni tí a máa ń lò ó fún, ibi tí a ti máa ń gbọ́ ọ, ìbọ̀wọ̀ tàbí ìfojútínrín tí ó bá a rìn. A pè é ní abẹ́nú, ṣùgbọ́n èyí kò sọ ọ́ di àṣírí. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ èdè ni ó mọ̀ ọ́n, ìdí nìyí tí ó fi lè jẹ́ ẹ̀rí. Ohun tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀ nítorí ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kì í ṣe ìtumọ̀ abẹ́nú. Ìrántí tirẹ̀ ni.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tí ó jẹ́ ti ojú-ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó jẹ́ ti abẹ́nú? Ọ̀nà kan tí ó rọrùn ni kí a fetí sí bí olùgbọ́ yóò ṣe ta kò wá bí a bá ṣi ọ̀rọ̀ lò. Bí ẹnì kan bá nawọ́ sí ewúrẹ́ tí ó ní "Àgùntàn kan nìyẹn", èsì tí yóò gbà ni "Irọ́ ni" tàbí "Kì í ṣe àgùntàn". Ojú-ọ̀rọ̀ ni ó ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá wọlé tí ó ní "Bàbá àgbà ń jẹun, ó ń fẹnu họ eegun bí ajá", kò sí ẹni tí yóò sọ pé irọ́ ni ó pa bí ó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ni bàbá ń họ eegun. "A kì í sọ bẹ́ẹ̀" ni wọn yóò sọ. Ibi tí èsì bá ti jẹ́ "irọ́ ni", ìtumọ̀ ojú-ọ̀rọ̀ ni ọ̀ràn náà kàn. Ibi tí ó bá ti jẹ́ "a kì í sọ bẹ́ẹ̀", ìtumọ̀ abẹ́nú ni. Ìdánwò àkọ́kọ́ nìyí, a ó sì máa pè é ní ìdánwò àtakò.

Ìdánwò kejì ni ìpààrọ̀. A ó yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú ìlà, a ó fi òmíràn tí ìtumọ̀ ojú-ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn rọ́pò rẹ̀, a ó sì wo ohun tí ó yẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìṣẹ̀lẹ̀ tí a ń sọ kò yí padà, ohunkóhun tí ó bá yẹ̀ di ti ìtumọ̀ abẹ́nú. Fún àpẹẹrẹ, nínú òwe tí ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bí a bá fi "arúgbó" rọ́pò "àgbà", òwe náà fọ́. Ẹni tí ó dàgbà ní ọjọ́ orí ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń tọ́ka sí, ṣùgbọ́n ojúṣe wà lọ́rùn àgbà tí kò sí lọ́rùn arúgbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ògbólógbòó" tọ́ka sí ohun tí ó ti gbó, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó máa ń bá rìn ni ó bà á lórúkọ jẹ́: ògbólógbòó olè ni a sábà máa ń gbọ́.

Ferdinand de Saussure ti fi yéni nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1916, lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé ohun tí ó fún ọ̀rọ̀ ní iyì nínú èdè ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin òun àti àwọn tí ó yí i ká. Ohun tí ìdánwò ìpààrọ̀ ń ṣe kò ju pé ó ń mú kí ìyàtọ̀ yìí hàn sí ojú.

3.0 Ewì tí a ó Yẹ̀wò

Ewì tí ó wà nísàlẹ̀ yìí kò sí nínú ìwé kankan. A hun ún fún iṣẹ́ yìí ni, kí òǹkàwé má baà fi ohun tí ó ti mọ̀ nípa akéwì kan ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀. I. A. Richards ṣe ohun tí ó jọ èyí ní Yunifásítì Kémúbíríìjì: ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ewì láìsí orúkọ ẹni tí ó kọ wọ́n, ó sì fi ohun tí wọ́n sọ nípa 13 nínú wọn ṣe ìwé ní 1929. Ó rí i pé bí kò ti sí orúkọ tí wọn yóò dì mú, ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí ka ìrántí ara wọn sínú ewì. Àṣìṣe yìí ni iṣẹ́ yìí náà fẹ́ ṣọ́ra fún.

Àgbẹ̀ kan wàjà lábà lánàá;
Ìlù kò ró, ìbọn kò dún.
Ọkọ́ fẹ̀yìn ti ògiri ahéré,
Ó ń retí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.
Ilẹ̀ tí àgbà náà fi ayé rẹ̀ ro
Ló daṣọ bò ó.

Olówó kan kú nígboro lánàá;
Ìlù ró, ìbọn dún, ọtí ṣàn.
Kọ́kọ́rọ́ kò sinmi lọ́wọ́ ọmọ,
Wọ́n ń wá ohun tí arúgbó fi pamọ́.
Sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi owó rẹ̀ rà
Ni wọ́n fi dé e mọ́lẹ̀.

Ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni pé ìsọ̀rí méjèèjì bára wọn mu. Ìlà mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ní. Ìlà kìn-ín-ní nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìhun kan náà: ẹnì kan, ìṣẹ̀lẹ̀ kan, ibì kan, ọjọ́ kan. "Kan" àti "lánàá" kò yí padà. Àgbẹ̀ di olówó, wàjà di kú, lábà di nígboro. Ìlà kejì lo ìlù àti ìbọn lẹ́ẹ̀mejì, kò sí nínú àkọ́kọ́, ó wà nínú èkejì. Nínú ìwé tí Ọlátúndé Ọlátúnjí kọ lórí àbùdá ewì alohùn Yorùbá ní 1984, ó ṣàlàyé bí a ṣe máa ń to àwọn ọ̀rọ̀ tí ó bára mu tàbí tí ó tako ara wọn sí ààyè tí ó ṣe déédéé nínú ìlà. Àǹfààní rẹ̀ fún iṣẹ́ wa ni pé akéwì fúnra rẹ̀ ti ṣe ìdajì ìdánwò ìpààrọ̀. Ó ti mú férémù kan náà, ó sì ti yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí òǹkàwé lọ máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi wé "wàjà" ní ọ̀nà jíjìn nígbà tí "kú" wà ní ààyè kan náà lẹ́yìn ìlà mẹ́fà.

4.0 "Wàjà" àti "Kú"

Ikú ọba ni a máa ń fi "wàjà" sọ. A kì í sọ pé ọba kú. Ọba wàjà ni. Nínú ìlà kìn-ín-ní, àgbẹ̀ lásán ni ó wàjà, ní abà, níbi tí kò sí ààfin. Nítorí náà akéwì ti ṣẹ̀ sí ìlò èdè. Ìbéèrè ni bóyá jíjẹ́ ọba wà nínú ìtumọ̀ ojú-ọ̀rọ̀ wàjà tàbí nínú ìtumọ̀ abẹ́nú rẹ̀. Bí ó bá wà nínú ojú-ọ̀rọ̀, irọ́ ni ìlà náà pa, a ó sì ní láti wá bí a ṣe lè gbà pé àgbẹ̀ yìí jẹ́ ọba.

Ìdánwò àtakò dá wa lóhùn. Bí ẹnì kan bá wọ ìgboro tí ó ní "Àgbẹ̀ tí ó wà lábà wa wàjà", àwọn olùgbọ́ yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ẹni náà kò sí láyé mọ́. Wọn kò ní bèèrè pé ìgbà wo ni ó jọba. Ohun tí wọn yóò sọ ni "A kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀, ọba ni ó ń wàjà." Ìtumọ̀ ojú-ọ̀rọ̀ wàjà kò ju ikú lọ. Ọba wà lára rẹ̀ bí òórùn ṣe ń wà lára aṣọ tí a kó jáde nínú àpótí olóòórùn dídùn: kì í ṣe ara aṣọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ yóò máa ta sánsán.

Bí a bá wá pààrọ̀ rẹ̀, ohun tí ó gbé dání yóò hàn síi. "Àgbẹ̀ kan papòdà" bọ̀wọ̀ fún òkú, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìbọ̀wọ̀ tí a lè fún ẹnikẹ́ni. "Àgbẹ̀ kan re ibi àgbà ń rè" bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀. "Àgbẹ̀ kan jáde láyé" dára fún ìkéde. Kò sí èyí tí ó fi adé lé e lórí nínú gbogbo wọn. Wàjà nìkan ni ó ṣe èyí, ó sì ṣe é láìsọ ọ́ jáde.

Ibí yìí gan-an ni òǹkàwé méjì lè ti pínyà. Èyí tí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yóò ní ọlá ni. Èkejì yóò ní yẹ̀yẹ́ ni, nítorí pé nígbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ ńlá lé ohun kékeré lórí, ẹ̀rín ni ó sábà máa ń mú wá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ òǹkàwé kejì gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Bí a bá sọ pé "Ọ̀mùtí kan wàjà lábẹ́ tábìlì lánàá", ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ yóò rẹ́rìn-ín. Wàjà kan náà ni. Èyí fi hàn pé ọlá kò lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ náà láìyẹsẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni ó ń jẹ́ kí ọlá náà dúró tàbí kí ó dojú dé.

Nítorí náà, àwọn ará ilé wàjà nínú ewì yìí ni kí a bi léèrè. "Ọ̀mùtí" àti "abẹ́ tábìlì" ti jẹ́ ohun ẹ̀gàn kí wàjà tó dé bá wọn. "Àgbẹ̀" àti "abà" kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tini lójú. Nínú ìlà márùn-ún tí ó tẹ̀lé e, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó fa àgbẹ̀ náà wálẹ̀: ọkọ́ rẹ̀ ń retí rẹ̀, a pè é ní àgbà, ilẹ̀ daṣọ bò ó. Ìlà kejì náà ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ìlù àti ìbọn ni ohun tí à ń retí níbi ìsìnkú ẹni tí ó dàgbà tí ó sì lọ́lá. Wọn kò dún fún un. Ohun tí ìlú kò fún un ni akéwì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo san. Ẹni tí ó bá ní yẹ̀yẹ́ ni gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ mìíràn hàn tí ó ti yẹ̀yẹ́ náà lẹ́yìn, kò sì ní rí i.

"Kú" ńkọ́? Òun ni ọ̀rọ̀ tí kò gbé nǹkan kan dání ju ojú-ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ènìyàn ń kú, ewúrẹ́ ń kú, iná ń kú, aago pàápàá ń kú. Nínú ìkéde lásán, "olówó kan kú" kò bu ẹnikẹ́ni kù. Ṣùgbọ́n nínú ewì yìí, kú jókòó sí ààyè tí wàjà ti jókòó sí rí. Ẹni tí etí rẹ̀ ti gbọ́ wàjà fún àgbẹ̀ yóò máa retí ohun tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún olówó, kú sì ni ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí kò gbé ẹ̀gàn dání di ẹ̀gàn nítorí ohun tí a fi wé. Bí a bá yọ ìsọ̀rí kìn-ín-ní kúrò, ẹ̀gàn náà yóò bá a lọ. Ó yẹ kí a kíyè sí èyí dáadáa, nítorí pé àwọn olùtúpalẹ̀ ewì máa ń sáré lọ bá ọ̀rọ̀ tí ó ń dán, wọn a sì fò kọjá lórí ọ̀rọ̀ lásán. Nínú ìfiwéra, ọ̀rọ̀ lásán náà ń ṣiṣẹ́.

Bákan náà ni "olówó" rí. Akéwì ìbá sọ pé "ọlọ́rọ̀" tàbí "ọlọ́lá". Ọlọ́lá ìbá ti fún ẹni náà ní iyì láwùjọ. Olówó sọ ohun tí ó ní lọ́wọ́, ó sì dákẹ́.

5.0 "Àgbà" àti "Arúgbó"

Akéwì kò sọ ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ó pe ọ̀kan ní àgbà nínú ìlà karùn-ún, ó sì pe èkejì ní arúgbó nínú ìlà kẹwàá. A ti rí i ṣáájú pé ojúṣe wà lọ́rùn àgbà. Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ yára sọ pé ọ̀wọ̀ ni àgbà, ẹ̀gàn ni arúgbó, kí a sì kọjá lọ.

Lákọ̀ọ́kọ́, àgbà kò gba ìdánwò àtakò kọjá ní ìrọ̀rùn. Ènìyàn lè sọ pé "Arúgbó ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àgbà", kí gbogbo ilé sì gbà pé ọ̀rọ̀ gidi ni ó sọ. Èyí túmọ̀ sí pé ìwà àgbà ti kúrò ní abẹ́nú, ó ti bọ́ sí ojú-ọ̀rọ̀. Àgbà ti di ọ̀rọ̀ tí ó ní ìtumọ̀ ojú-ọ̀rọ̀ méjì: ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ pọ̀, àti ẹni tí ó ń hùwà bí ó ti yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ hù. Ààlà tí ó wà láàrin ojú-ọ̀rọ̀ àti abẹ́nú kì í ṣe odi tí a kò lè gùn. Bí ohun kan bá pẹ́ lára ọ̀rọ̀, ó lè di ara rẹ̀. Olùtúpalẹ̀ kò pàdánù nǹkan kan bí ó bá sọ èyí jáde. Ohun tí yóò pa á lára ni kí ó fi agbára pín ohun tí kò pín.

Lẹ́ẹ̀kejì, arúgbó kì í ṣe èébú nígbà gbogbo. Ọmọ tí ó bá sọ pé òun ń lọ wo arúgbó òun lábúlé, ìfẹ́ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Kí ni ó wá dé tí ọ̀rọ̀ náà fi tutù nínú ìlà kẹwàá? Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ó fà á. "Arúgbó mi" tàbí "arúgbó wọn" sọ pé ẹni náà ní ènìyàn. "Ohun tí arúgbó fi pamọ́" kò ní ènìyàn kankan lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ni ó sì ń wá nǹkan nínú ìlà yẹn. Bí a bá fetí sílẹ̀, ẹnu tiwọn ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, kì í ṣe ẹnu akéwì. Akéwì kò bú olówó náà. Ó kàn jẹ́ kí á gbọ́ orúkọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè é nígbà tí wọ́n ń tú àpótí. Bí a bá fi "bàbá" rọ́pò rẹ̀, tí ìlà náà di "wọ́n ń wá ohun tí bàbá fi pamọ́", wíwá náà kò yí padà, kọ́kọ́rọ́ kò yí padà, ṣùgbọ́n ìbátan ti padà wọlé. Ohun tí akéwì fi arúgbó yọ kúrò nìyẹn.

Ìbéèrè tí a rí kọ́ níbí ni pé kí a tó sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan gbé dání nínú ewì, kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀ náà.

6.0 "Daṣọ bò" àti "Dé mọ́lẹ̀"

Ìlà tí ó parí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun kan náà: wọ́n sin òkú, nǹkan kan sì wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ daṣọ bo àgbẹ̀. Wọ́n fi sìmẹ́ńtì dé olówó mọ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá sùn ni a ń daṣọ bò. Ìyá ń daṣọ bo ọmọ kí òtútù má baà mú un. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀ tí ìlà náà di "Ló gbé e mì", ilẹ̀ yóò di ẹranko tí ó ń pani jẹ. Bí ó bá di "Ló bò ó mọ́lẹ̀", ìsìnkú lásán ni. Daṣọ bò nìkan ni ó mú ìtọ́jú wá, tí ó sì sọ ikú di oorun. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ti pèsè ààyè sílẹ̀ fún èyí: ilẹ̀ tí ó fi ayé rẹ̀ ro ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ilẹ̀ ṣe ni ilẹ̀ ń bá ṣe.

"Dé" yàtọ̀. Ìkòkò ni à ń dé. Bí "mọ́lẹ̀" bá tẹ̀lé e, adìyẹ tí a fi apẹ̀rẹ̀ dé mọ́lẹ̀ ni ó ń wá sọ́kàn, èyí tí a kò fẹ́ kí ó jáde. Kò sí ìtọ́jú níbẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni pé a ti parí ọ̀ràn. Ẹni tí ó ń da ewì yìí kọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ àmì ohùn níhìn-ín, nítorí pé bí "dé" bá di "dè", wọ́n ti so olówó mọ́lẹ̀, àwòrán náà sì ti yí padà pátápátá.

Ìyàtọ̀ kan ṣì kù. Ilẹ̀ kò ní aṣọ. Bí a bá gbé ìlà kẹfà síwájú ìdánwò àtakò, "irọ́ ni" ni èsì rẹ̀ bí a bá mú un ní ojú-ọ̀rọ̀. Àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni, kì í ṣe ìtumọ̀ abẹ́nú nìkan. Ìtumọ̀ abẹ́nú ni ó kàn sọ fún wa èwo nínú ìwà aṣọ ni kí a gbé lọ bá ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kejìlá jẹ́ òtítọ́ pọ́nńbélé. Sìmẹ́ńtì wà lórí sàréè, ó sì dé e. Bí a bá wá to àwọn ohun tí a ti rí jọ, wọ́n ń tọ́ka sí ibì kan. Àgbẹ̀ gba wàjà, olówó gba kú. Àgbẹ̀ gba àgbà láti ẹnu akéwì, olówó gba arúgbó láti ẹnu ọmọ. Àgbẹ̀ gba àfiwé, olówó gba ìròyìn. Gbogbo ọ̀ṣọ́ èdè ni akéwì kó fún ẹni tí kò gba ọ̀ṣọ́ ìsìnkú, ó sì fi ẹni tí ó gba ọ̀ṣọ́ ìsìnkú sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ó wà ní ìhòòhò. Kò sí ìlà kan tí ó sọ èyí. Àṣàyàn ọ̀rọ̀ ni ó sọ ọ́.

Ẹnì kan lè ta kò ó pé "ọtí ṣàn" jẹ́ ọ̀ṣọ́ nínú ìsọ̀rí kejì, nítorí pé àsọdùn ni. Àtakò yìí tọ́, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ẹni tí ọ̀ṣọ́ náà kàn. Ọtí ṣàn fún àwọn tí ó wá jẹun. Kò kan òkú.

7.0 Ibi tí Àtúpalẹ̀ ti Máa ń Ṣìnà

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ó mẹ́nu bà. Èkínní ni kí òǹkàwé gba ìtumọ̀ abẹ́nú kan tí ewì kò tì lẹ́yìn. "Ọkọ́ fẹ̀yìn ti ògiri" lè mú kí ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì rántí ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì kọ ọ́ pé ọkọ́ náà ti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú olówó rẹ̀. Àlàyé yìí dùn létí. Ìtumọ̀ náà sì wà nínú èdè lóòótọ́, kì í ṣe ìrántí ẹnì kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ìlà tí ó tẹ̀lé e sọ pé ọkọ́ ń retí ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì kì í retí iṣẹ́ mọ́. Ìlà kẹrin ti ti ilẹ̀kùn tí ìlà kẹta ṣí. Kò tó pé èdè gba ìtumọ̀ kan láàyè. Ewì náà gbọ́dọ̀ gbà á.

Ọ̀nà kejì ni kí a fi orírun ọ̀rọ̀ ṣe ìtumọ̀ rẹ̀. A lè tú wàjà palẹ̀ sí "wọ" àti "àjà", kí a wá máa wá òkè àjà nínú ahéré àgbẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ pé ọba wàjà kò ronú nípa òrùlé kankan. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ọba. Bí akéwì bá fẹ́ jí orírun náà dìde, yóò fi ọ̀rọ̀ mìíràn pè é, irú bí òrùlé tàbí àkàbà. Akéwì yìí kò pè é.

Ọ̀nà kẹta ni ohùn. Àwọn kan yóò sọ pé ohùn ìsàlẹ̀ méjì tí ó wà nínú wàjà ni ó mú ìbànújẹ́ wá. Ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú àmàlà, kò sì sí ẹni tí í sunkún nítorí rẹ̀. Ohun tí a lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ: wàjà ní sílébù méjì, kú ní ẹyọ kan, nítorí náà kú tètè parí lẹ́nu. Ìró lè ran ìtumọ̀ lọ́wọ́ níbi tí ìtumọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Kò lè dá a sílẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí iṣẹ́ yìí ti ṣe ni pé ó mú àríyànjiyàn lórí wàjà kúrò níbi bí ara ti rí, ó gbé e wá síbi tí a ti lè fi ẹ̀rí hàn. Ìdánwò àtakò sọ fún wa pé ọba kò sí nínú ojú-ọ̀rọ̀ wàjà. Ìdánwò ìpààrọ̀ sọ ohun tí ìlà náà ìbá pàdánù. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká sọ bóyá ọlá náà dúró tàbí ó dojú dé. Bí ewì kan náà bá bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí èdè àdúgbò rẹ̀ ń lo arúgbó tàbí dé ní ọ̀nà mìíràn, díẹ̀ nínú èsì wọ̀nyí lè yí padà, nítorí pé ìtumọ̀ abẹ́nú jẹ́ ti àwọn tí ó ń sọ èdè, kì í ṣe ti ìwé atúmọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n ẹni bẹ́ẹ̀ náà yóò ní láti fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, kí ó sì sọ èyí tí akéwì fi sílẹ̀ kí ó tó sọ ìdí tí ó fi mú èyí tí ó mú.